Aago 3:15 ti dájà sílẹ̀: ẹgbẹ́ tó wà káàkiri, wákàtí wo ni kí gbogbo wa jọ wà lórí iṣẹ́?

Àṣàkẹ́ Bódìjà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ti fẹ́ di ìjà mọ́ wa lọ́wọ́, mo ní kí n gbé e wá síbí kó tó bàjẹ́ jù.

Àwa mẹ́fà la jọ ń ṣe ètò orí kọ̀ǹpútà tí àwọn ilé ìwé fi ń gba owó ilé ìwé. Èmi tí mo ń darí iṣẹ́ wà n'Íbàdàn. Àwọn méjì tó ń kọ kóòdù wà l'Ékòó, ọ̀kan ní Yábàá, ọ̀kan n'Íkòròdú. Ẹni tó ń dán iṣẹ́ wò kó tó jáde wà ní Kútọnu. Ayàwòrán wa, ìyálọ́mọ ni, Lọ́ńdọ̀nù ló ń gbé. Ọ̀gá kóòdù wa wà ní Hiúsítọ̀n. N kì í ṣọ́ ẹnikẹ́ni nídìí aago. Bó bá wù ẹ́ kó o ṣiṣẹ́ ní ìdájí, bó bá sì jẹ́ òru ló rọ̀ ẹ́ lọ́rùn, kí iṣẹ́ ṣáà ti jáde lọ́jọ́ tá a dá.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí wákàtí kan wà tí ẹnikẹ́ni bá pe ẹnikẹ́ni, á gbé e. Wákàtí àjọwà ni mo ń pè é. Ní Oṣù Kọkànlá ọdún tó kọjá, a fẹnu kò sí aago 3:15 sí aago 4 ìrọ̀lẹ́, aago Nàìjíríà, lójoojúmọ́ iṣẹ́. Nígbà yẹn, 2:15 ni ní Lọ́ńdọ̀nù, 8:15 àárọ̀ sì ni ní Hiúsítọ̀n. Ó bá gbogbo wa mu. Ní ọjọ́ 8 Oṣù Kẹta ọdún 2026 yìí, Amẹ́ríkà yí aago wọn síwájú ní wákàtí kan, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún. Ọ̀gá kóòdù ní tòun ti di 9:15, pé kò sí wàhálà. A rò pé ó ti parí nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 30, ayàwòrán ò wọlé. Lọ́jọ́ kejì ó wọlé láti orí fóònù, à ń gbọ́ òjò, à ń gbọ́ ariwo ọmọ. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó sọ fún mi pé Lọ́ńdọ̀nù náà ti yí aago, pé 3:15 tòun gan-an ni òun máa ń wà lẹ́nu géètì ilé ìwé àwọn ọmọ òun. Ojú tì mí.

Ibi tí mo wá nílò yín nìyí. Ìṣẹ́jú 45 yẹn gan-an ò tó wa. Ìbéèrè ń sùn mọ́jú láìrí ìdáhùn. Mo fẹ́ sọ ọ́ di wákàtí mẹ́ta fún gbogbo wa, ṣùgbọ́n bí mo bá ṣe gbé e síbí, yóò gé ẹnìkan; bí mo bá gbé e sọ́hùn-ún, yóò gé ẹlòmíì. Báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe é?

Ọmọ Ìjẹ̀bú Pẹ́kámù
Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹ kúrò lórí aago Nàìjíríà. UTC, aago àgbáyé tí gbogbo ìlú fi ń ṣírò tiwọn, ni kí ẹ máa lò. Ẹ kọ 14:15 UTC sórí kàlẹ́ńdà, kí oníkálukú lọ ṣírò tirẹ̀. UTC kì í yí láéláé. Ọ̀rọ̀ tán.

Ẹ̀gbọ́n Ṣómólú
Àbúrò Pẹ́kámù, o rí i dáadáa pé nǹkan tí kò ní yí ló yẹ ká gbára lé nígbà tá a bá ń ṣírò. Ṣùgbọ́n oògùn tó o kọ yìí, òun náà ni àìsàn tó ń ṣe wọ́n. Aago Nàìjíríà náà kì í yí. UTC pẹ̀lú wákàtí kan ni, lọ́jọ́ gbogbo tí Ọlọ́run dá. Ẹni tó bá so ìpàdé mọ́ aago Èkó ti so ó mọ́ UTC tán, kò kàn mọ̀ ni. Àwọn tó ń yí ni Lọ́ńdọ̀nù àti Hiúsítọ̀n, nígbà tá a bá sì dúró sójú kan, àwọn ni ìpàdé yóò máa sún kiri mọ́ lọ́wọ́. 14:15 UTC tó o pè yẹn, 3:15 ni ní Lọ́ńdọ̀nù lónìí. Ẹnu géètì náà ni.

Àṣàkẹ́, wàhálà méjì lo so pọ̀. Jẹ́ ká kọ́kọ́ tú èyí tó rọrùn. Béèrè lọ́wọ́ ara rẹ pé ta ni kò ní àyè láti sún. Ẹ̀yin mẹ́rin tẹ́ ẹ wà l'Ékòó, Ìbàdàn àti Kútọnu, bó jẹ́ aago 2:15, bó jẹ́ 3:15, ẹ ó wà níbẹ̀. Ìyálọ́mọ yẹn ò ní ibi tó fẹ́ gbà: ilé ìwé ò ní dúró dè é. Nítorí náà, aago tiẹ̀ ni kí o so ìpàdé mọ́. Tó o bá ń ṣe é lórí kàlẹ́ńdà, tẹ ibi tí wọ́n kọ `Time zone` sí, kí o mú Lọ́ńdọ̀nù, kí o wá kọ 2:15 ọ̀sán. Látìgbà yẹn lọ, 2:15 ni yóò máa jẹ́ fún un tòjò tẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀yin lẹ ó máa gbà á ní 2:15 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, 3:15 nígbà òtútù. Hiúsítọ̀n náà yóò máa wà ní 8:15, àyàfi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré lọ́dún tí àwọn méjèèjì kò bára mu. Ìgbà yẹn 9:15 ni yóò jẹ́ fún un, ìyẹn ò sì pa á lára.

Ìkejì ni wákàtí mẹ́ta tó o fẹ́ yẹn. Kí n tó sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, mo fẹ́ mọ nǹkan kan: ìbéèrè tó ń sùn mọ́jú, láàárín ta ni sí ta ni?

Ìyá Ìbejì Mẹ́rànún
Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò lè pín wọn sí àsìkò ni? Ibi tí mo ti ń dáhùn ìpè àwọn oníbàárà, àwọn kan ń wọlé ní aago 6 àárọ̀, àwọn kan ní aago 2, àwọn kan lóru. Kò sígbà tí oníbàárà pè tí kò ní bá èèyàn. Ẹni Hiúsítọ̀n yẹn gan-an á dára fún alẹ́ yín.

Ẹ̀gbọ́n Ṣómólú
Màmá Ìbejì, ẹ ṣé o. Tiyín yẹn, kí àyè má ṣófo lẹ̀ ń wá, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń fi wákàtí àwọn èèyàn tẹ̀lé ara wọn. Tiwọn, kí ojú ó kan ojú ni wọ́n ń wá. Bí wọ́n bá pín ara wọn bíi tiyín, àwọn ilé ìwé á dunnú lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ò ní pàdé ara wọn mọ́ rárá.

Láfẹ́nwá Òru
Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi. Abẹ́òkúta ni mo wà, ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, mi ò ní dárúkọ wọn, ló gbà mí. Wọ́n ní iṣẹ́ náà «rọ̀», pé ìgbà tó bá wù mí ni. Nígbà tí mo wọlé tán ni wọ́n ní wákàtí àjọwà jẹ́ aago 9 àárọ̀ sí aago 5 ìrọ̀lẹ́ Niu Yọ́ọ̀kì. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Lásìkò yìí, aago 2 ọ̀sán sí aago 10 alẹ́ ni. Tó bá di Oṣù Kọkànlá, á di aago 3 sí aago 11. Wákàtí mẹ́jọ ni wákàtí àjọwà, wákàtí mẹ́jọ náà ni iṣẹ́. Kí ló wá rọ̀ níbẹ̀? Ọdún méjì ni mi ò fi jẹun alẹ́ pẹ̀lú àwọn ará ilé mi. Àṣàkẹ́, ẹ rọra o. Ibi tí wákàtí mẹ́ta ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Àṣàkẹ́ Bódìjà
Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an, Láfẹ́nwá. Ìyẹn wọ̀ mí lára.

Ẹ̀gbọ́n, kí n má parọ́, mi ò mọ ẹni tí ìbéèrè ẹ̀ ń sùn mọ́jú. Ó kàn ń ṣe mí bíi pé gbogbo wa ni.

Ẹ̀gbọ́n Ṣómólú
Lọ kà wọ́n. Kò ní gbà ju ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lọ. Ṣí ibi tí ẹ ti ń bára yín sọ̀rọ̀ iṣẹ́, padà sẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Gbogbo ìbéèrè tó dúró ju wákàtí mẹ́rin lọ kó tó rí ìdáhùn, kọ ọ́ sílẹ̀: ta ló béèrè, ta ni wọ́n bi. Má ka «ẹ káàárọ̀» o, má sì ka èyí tí kò dá iṣẹ́ ẹnikẹ́ni dúró. Ìdí tí mo fi mú wákàtí mẹ́rin ni pé ẹni tó bá ní iṣẹ́ mìíràn lè fi ìyẹn pa àkókò títí dìgbà yẹn. Lẹ́yìn rẹ̀, ó ń jókòó lásán ni, tàbí kó máa méfò.

Nígbà tí o bá tún wà nídìí ẹ̀, bi ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Má bi wọ́n pé «ìgbà wo lo fẹ́», torí wọn á sọ ohun tí wọ́n rò pé inú ọ̀gá á dùn sí. Bi wọ́n pé «wákàtí wo ni kò ṣeé ṣe láéláé, kí sì ló fà á». Kí wọ́n kọ ọ́ ní aago ìlú wọn, má jẹ́ kí wọ́n bá ẹ yí i padà. Níbi ìyípadà yẹn ni àṣìṣe ti máa ń wọlé.

Ará Lómè
Mo kàn ń rẹ́rìn-ín ni. Lómè àti Kútọnu ò ju ìrìn wákàtí mẹ́ta, mẹ́rin lọ lójú ọ̀nà, síbẹ̀ aago wa fi wákàtí kan yàtọ̀. Aago tiwa dọ́gba pẹ̀lú UTC, ti Kútọnu dọ́gba pẹ̀lú Èkó. Mo pàdánù ìpàdé mẹ́ta kí n tó mọ̀ pé ọ̀gá mi ní Kútọnu rò pé aago kan náà là ń lò. Ẹ bi ẹni Kútọnu yín bóyá ó máa ń sọdá wá sọ́dọ̀ ẹbí ní Lómè lópin ọ̀sẹ̀, torí fóònù máa ń yí aago fúnra rẹ̀ tó bá kọjá ibodè.

Àṣàkẹ́ Bódìjà
Mo ti dé. Mo kà á, ẹnu sì yà mí.

Ìbéèrè 41 ló dúró ju wákàtí mẹ́rin lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. 26 nínú wọn wà láàárín Hiúsítọ̀n àti àwọn méjì tó wà l'Ékòó. Mẹ́sàn-án wà láàárín Lọ́ńdọ̀nù àti Èkó, ọ̀rọ̀ ibi tí bọ́tìnnì yóò wà, àwọ̀, irú ẹ̀. Mẹ́ta láàárín èmi àti Kútọnu, tí a jọ ń lo aago kan náà, ìyẹn jẹ́ ẹ̀bi tèmi. Láàárín Lọ́ńdọ̀nù àti Hiúsítọ̀n, mẹ́ta péré! Àwọn méjì tí mo ti ń ya ara mi láti fi sójú kan, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ní nǹkan sọ fún ara wọn.

Ní ti wákàtí tí kò ṣeé ṣe: Lọ́ńdọ̀nù ò lè wà láti aago 3 sí aago 4:30 tirẹ̀, ilé ìwé ni. Hiúsítọ̀n ò lè wà ṣáájú 8:15, òun ló ń gbé àwọn ọmọ lọ síléèwé. Ẹni Yábàá ò lè wà ní ọjọ́ Jímọ̀ láti aago 12:30 sí 2:30, ó ń lọ kírun. Kútọnu ní kò sí èyí tí kò ṣeé ṣe (àfi tó bá lọ sí Lómè, ẹ ṣé Ará Lómè, ó máa ń lọ lóòótọ́). Ìkòròdú kọ gbólóhùn kan: «Ìgbà tí kò bá sí iná.»

Ẹ̀gbọ́n Ṣómólú
Ṣó o ti rí i. Kì í ṣe gbogbo yín lẹ nílò gbogbo yín. Jọ̀wọ́ gbàgbé wákàtí mẹ́ta fún èèyàn mẹ́fà. Wá ohun mẹ́ta tó kéré.

Èyí tó tóbi jù ni Èkó àti Hiúsítọ̀n, ibẹ̀ ni 26 wà. Fún wọn ní wákàtí méjì, aago 8:30 sí 10:30 àárọ̀ Hiúsítọ̀n, ọjọ́ Ajé, Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. So ó mọ́ aago Hiúsítọ̀n, torí òun ni kò lè sún sẹ́yìn. Lásìkò yìí, 2:30 sí 4:30 ni l'Ékòó. Nígbà òtútù á di 3:30 sí 5:30. Ayàwòrán ò sí nínú ẹ̀, kí ó máa bá tirẹ̀ lọ.

Èkejì, Lọ́ńdọ̀nù àti Èkó. Ìbéèrè mẹ́sàn-án ní ọ̀sẹ̀ méjì ò pọ̀. Wákàtí kan ààbọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ti tó: aago 11 sí 12:30 Lọ́ńdọ̀nù, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Aago 11 náà ni l'Ékòó báyìí, á di 12 nígbà òtútù. Kò kan ọjọ́ Jímọ̀ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kẹta, gbogbo yín. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, Ọjọ́rú, 2:15 sí 3 Lọ́ńdọ̀nù, bí mo ṣe wí lẹ́ẹ̀kan. Kí ó sì dá dúró ní ìṣẹ́jú 40, kí obìnrin yẹn ráyè wọ bàtà.

Nǹkan kan wà tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé láti kọ sílẹ̀: kí ni «wíwà» túmọ̀ sí? Tí o ò bá sọ ọ́, ẹnìkan á rò pé ìpàdé ni, ẹlòmíì á rò pé kí iná aláwọ̀ ewé ṣáà máa tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ òun ni. Lọ́dọ̀ tèmi, ó túmọ̀ sí pé bí ẹnikẹ́ni bá kọ̀wé sí ọ láàárín wákàtí yẹn, wàá fèsì láàárín ìṣẹ́jú 15. Ó tán. O lè máa ṣe iṣẹ́ tìrẹ lọ, kò dìgbà tó o bá ṣí kámẹ́rà.

Ará Hiúsítọ̀n
Mi ò sí nínú ẹgbẹ́ yín o, ṣùgbọ́n ìlú kan náà ni èmi àti ọ̀gá kóòdù yín ń gbé, iṣẹ́ kan náà là ń ṣe, kí n bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n, 8:30 sí 10:30 àárọ̀, ìgbà yẹn ni ọpọlọ èèyàn já gaara. Ìgbà yẹn lèmi fi ń kọ kóòdù tó le. Tí ẹ bá gba wákàtí yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta, tí ẹ tún gba Ọjọ́rú, kí ló kù fún un? Ọ̀sán ni yóò máa fi kọ kóòdù, nígbà tí oorun bá ń kùn ún. Ìdáhùn yóò yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó le kò ní lọ bó ṣe yẹ, ẹ kò sì ní tètè mọ ìdí.

Ẹ̀gbọ́n Ṣómólú
Òótọ́ lo sọ, mi ò ní jiyàn. Mi ò rí ọ̀nà àbáyọ tó mọ́ sí ìyẹn. Nígbà tí èèyàn wà níwọ̀ oòrùn jìnnà, àárọ̀ tiẹ̀ ni ìrọ̀lẹ́ tiwa, kò sí ibòmíràn tí a lè bá a. Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ni kí ọjọ́ Ẹtì rẹ̀ mọ́ tónítóní. Kí ẹnikẹ́ni má pè é lọ́jọ́ yẹn.

Láfẹ́nwá Òru
Tàbí kí àwọn tó wà l'Ékòó máa dúró di aago 8 alẹ́ ni? Nǹkan tí wọ́n máa ń sọ nìyẹn. Ẹ má gbà o.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Pẹ́kámù
Ó dáa, mo ti gbà nípa UTC. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe máa mọ aago tó máa jẹ́ lọ́sẹ̀ tí wọ́n bá yí i, láì máa ka ìka?

Ẹ̀gbọ́n Ṣómólú
Lo orúkọ ìlú, má lo iye wákàtí. Bí kọ̀ǹpútà rẹ bá jẹ́ ti Línọ́ọ̀sì, bi í báyìí:

```
TZ=Africa/Lagos date -d 'TZ="America/Chicago" 2026-10-28 08:30' +%H:%M
TZ=Africa/Lagos date -d 'TZ="America/Chicago" 2026-11-04 08:30' +%H:%M
```

Àkọ́kọ́ á fún ọ ní 14:30, ìkejì á fún ọ ní 15:30. `America/Chicago` ni orúkọ tí kọ̀ǹpútà mọ aago Hiúsítọ̀n sí. Kútọnu ni `Africa/Porto-Novo`, Lómè sì ni `Africa/Lome`.

Ará Lómè
Lórí Máàkì tèmi, `-d` yẹn ò ṣiṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Ṣómólú
Bẹ́ẹ̀ ni, `date` ti Máàkì kì í gbà á lọ́nà yẹn. Fi aago inú fóònù rẹ ṣe é, kó o fi àwọn ìlú náà kún un. Ṣùgbọ́n rántí pé aago lónìí nìyẹn yóò fi hàn ọ́, kì í ṣe ti Oṣù Kọkànlá.

Àṣàkẹ́ Bódìjà
Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé tí a ti ń dán an wò, mo ní kí n padà wá jíyìn.

Èyí tó dára: mo tún ka ìbéèrè, ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn. 41 ti di 17. Láàárín Hiúsítọ̀n àti Èkó, 26 ti di méje. Ayàwòrán ní òun ò tíì gba ìpè kankan lẹ́nu géètì láti ìgbà náà.

Èyí tó kọ́kọ́ bàjẹ́, ọwọ́ mi ló ti wá. Nígbà tí mo rí i pé àwọn mẹ́ta wà níbẹ̀ láti 2:30 sí 4:30, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìpàdé síbẹ̀. Ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ báǹkì, ọ̀kan fún ètò oṣù tó ń bọ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, wákàtí méjì náà ti di ìpàdé wákàtí méjì, ìbéèrè sì tún padà sí òru. Ẹni Yábàá ló sọ fún mi pé, «Àǹtí, a wà lórí iṣẹ́ pọ̀ ni, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè dáhùn.» Mo ti kó gbogbo ìpàdé kúrò níbẹ̀. Tí mo bá fẹ́ bá wọn ṣèpàdé, Ọjọ́rú ni.

Ìkejì ni ti Ìkòròdú. Iná máa ń lọ níbẹ̀ lọ́sàn-án, ó sì máa ń wọ inú wákàtí náà. Ọmọkùnrin yẹn ń tan jẹnẹrétọ̀ torí ìṣẹ́jú 15 tí mo ní kí wọ́n fi máa fèsì. Mi ò mọ̀, àfìgbà tó sọ iye tó ń fi ra epo fún mi. Báyìí, a ti gbà pé tí iná bá lọ, kó kọ «iná» sórí Wọ́sáàpù láti orí fóònù rẹ̀, kó máa fi fóònù dáhùn èyí tó bá lè fẹnu sọ, kó sì fi èyí tó nílò kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ ń wo ọ̀rọ̀ bátìrì ínfátà fún un.

Ìyá Ìbejì Mẹ́rànún
Ẹ jẹ́ kó máa gba agbára sínú ẹ̀ láàárọ̀ kí wọ́n tó mú un lọ o. Àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ò bá rántí láàárọ̀ á pariwo lọ́sàn-án.

Ará Hiúsítọ̀n
Ọ̀gá kóòdù ńkọ́? Kí ló sọ nípa àárọ̀ rẹ̀?

Àṣàkẹ́ Bódìjà
Ó ní òun ń fara dà á. Ọ̀rọ̀ yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn, torí ayàwòrán náà ṣe bẹ́ẹ̀ fara dà á ní ọ̀sẹ̀ méjì nínú òjò. Ọjọ́ Ẹtì rẹ̀ mọ́ lóòótọ́, kò sẹ́ni tó ń pè é. Ṣùgbọ́n mo wo iṣẹ́ rẹ̀: àwọn tó le jù, ọjọ́ Ẹtì àti Sátidé ló ń parí wọn. Sátidé kò sí nínú àdéhùn wa. Mò ń rò ó bóyá kí a gé ọ̀kan nínú ọjọ́ mẹ́ta náà, kí ìbéèrè bíi mẹ́ta, mẹ́rin sí i sùn mọ́jú. Àwọn ọmọ Èkó ò fẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Ṣómólú
Gé Ọjọ́ Ajé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lọ́jọ́ Ajé, ìbéèrè kì í tíì pọ̀. Kà á lẹ́yìn rẹ̀, kí o sì wo Sátidé rẹ̀. Tí ìbéèrè bá fò sókè tí Sátidé ò sì sọ̀ kalẹ̀, dá a padà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Pẹ́kámù
Ẹ má gbàgbé ọ̀sẹ̀ kan yẹn o. Àwa ń yí aago ní ọjọ́ 25 Oṣù Kẹwàá, Amẹ́ríkà di ọjọ́ 1 Oṣù Kọkànlá. Ọjọ́rú ọjọ́ 28, tí ó bá jẹ́ 2:15 lọ́dọ̀ wa, kí ló máa jẹ́ lọ́dọ̀ yín?

Àṣàkẹ́ Bódìjà
3:15 lọ́dọ̀ wa, 9:15 ní Hiúsítọ̀n. Mo ti ṣírò ẹ̀, mo sì ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo wọn. Ẹni Kútọnu ní òun máa wà ní Lómè lọ́sẹ̀ yẹn. 2:15 ni mo kọ síwájú orúkọ rẹ̀.